Ọbẹ̀ Ata Ti Di ₦34,000: Bí A Ṣe Ń Kéde Owó Tuntun Lórí Káróséẹ̀lì

 

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lórí fóònù ni mo wá bá sọ̀rọ̀ lónìí: ẹ̀yin alásè, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kéèkì, tí oníbàárà ti ń rí lórí Instagram kó tó rí yín lójúkojú. Bí owó ọjà yín bá fẹ́ gòkè, ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń gbé síta ni àwọn àwòrán tó so mọ́ra, tí èèyàn ń fi ìka sún lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ wa ń pè é ní káróséẹ̀lì, wọ́n sì ń pe àwòrán kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ní sílàìdì. Láti 2017 ni Instagram ti gbà wá láyè láti máa ṣe é. Sílàìdì mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ, ní 2024 wọ́n sọ ọ́ di ogún. Ogún ti pọ̀ jù fún ọ̀rọ̀ owó. Márùn-ún tó.

Èyí tí mo máa ń rí jù nìyí. Sílàìdì àkọ́kọ́ á gbé òdòdó wá, wọ́n á kọ "Ìkéde Pàtàkì" sí i. Ìkejì á dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo oníbàárà láti ọdún gbọ́ọ́rọ́. Ìkẹta á sọ pé bí nǹkan ṣe rí nílùú ti le. Ìkẹrin á ní àwọn owó kan máa yí padà díẹ̀. Ìkarùn-ún á ní kí a kàn sí àwọn fún ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àlàyé. Oníbàárà ti fi ìka sún un títí ó fi dé òpin, kò rí iye kankan. Ohun kan ṣoṣo tó wá mọ̀ ni pé ẹ ní iye kan lọ́kàn, ẹ̀rù sì ń bà yín láti pè é. Láti ìgbà yẹn lọ, bí ẹ bá tiẹ̀ fi ẹgbẹ̀rún kan péré kún un, á rò pé ẹ ń rẹ́ òun jẹ ni.

Kí a má pe iye gan-an ti kó àwọn tó tóbi jù wá lọ sí wàhálà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 2025, àjọ NCC, tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, kéde pé òun ti fọwọ́ sí àlékún owó ìpè àti ti dátà, kó má ṣáà ju ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn èèyàn kùn, wọ́n sì múra sílẹ̀ de àádọ́ta. Nígbà tó di oṣù Kejì, àwọn tó ń ra dátà ọlọ́sẹ̀ kan ti MTN, èyí tó jẹ́ 15GB, rí i pé ₦2,000 tí àwọn ń san ti di ₦6,000. Ariwo ta lórí ayélujára, MTN sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Àwọn oníbàárà ti gbọ́ àádọ́ta, ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n bá níbi ìsanwó. Oníbàárà ò ra ìdá nínú ọgọ́rùn-ún rí. Ọjà kan pàtó ló ń rà, iye ọjà yẹn ló sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan wò dáadáa. Ẹ fọkàn yàwòrán obìnrin kan n'Ìbàdàn tó ń se ọbẹ̀ ata tà, ọbẹ̀ tó gbẹ dáadáa, tó ní ẹran, tí ó ń kó sínú rọ́bà oní-lítà mẹ́ta. Àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì, àwọn ìyá tí iṣẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n ráyè dáná, àti àwọn tó ń ṣe ìnáwó kékeré ló ń rà á. ₦28,000 ló ń ta rọ́bà kan. Mo fi iye sí gbogbo nǹkan kí ìṣirò lè yé wa ni o. Kí ẹnikẹ́ni má fi iye tí mo dá yìí lọ bá alátà rẹ̀ jà.

Kó tó fọwọ́ kan fóònù rárá, ó ní láti jókòó ti ìwé. Kó kọ ohun tó ń wọ inú rọ́bà kan sílẹ̀: ata, tàtàṣé, tòmátì àti àlùbọ́sà; ẹran; òróró; gáàsì; rọ́bà fúnra rẹ̀; owó ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦20,000 nígbà tó dá iye àtijọ́, tó sì ti di ₦26,000 báyìí. Èrè rẹ̀ tó jẹ́ ₦8,000 lórí rọ́bà kan ti ṣẹ́ ku ₦2,000. Ó ní láti fi owó kún un, kò sí ọ̀nà àbáyọ mìíràn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kù díẹ̀ káàtó nìyí: wọn kì í ya ohun tó wọ́n fún ìgbà díẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wọ́n tí kò ní padà. Nínú ₦6,000 tó lé yẹn, ká ní ata àti tòmátì ló kó ₦2,500. Ẹran, gáàsì, òróró, rọ́bà àti owó iṣẹ́ ló kó ₦3,500 tó kù. Bí ẹran bá ti gòkè, ó ṣọ̀wọ́n kó tó padà sílẹ̀. Ti tòmátì ò rí bẹ́ẹ̀. Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú tòmátì wa ti ń wá, èyí tí wọ́n ń bomi rin lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń lọ sópin, tí òjò sì ń bẹ̀rẹ̀, tòmátì oko ibẹ̀ á tán, apẹ̀rẹ̀ á sì di ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ní Bódìjà. Kòkòrò tún wà tó ń jẹ ẹ́. Ní 2016, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kàdúná débi pé ìjọba ibẹ̀ kéde pàjáwìrì lórí tòmátì. Àwọn èèyàn wa sọ ọ́ ní Ẹ̀bólà tòmátì. Ṣùgbọ́n bí ìkórè tuntun bá ti wọlé, owó á já wálẹ̀. Oníbàárà yín mọ èyí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, òun náà ń lọ sọ́jà. Bí ẹ bá fi ọ̀wọ́n tòmátì dá owó tí kò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́, tó bá di ìgbà tí tòmátì bá pọ̀, á rántí ohun tí ẹ sọ.

Nítorí náà, obìnrin yìí dá iye méjì. Iye tí yóò dúró ni ₦31,500, ìyẹn ₦28,000 àtijọ́ pẹ̀lú ₦3,500. Lórí rẹ̀, yóò gba ₦2,500 owó ata láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, tí yóò tún yẹ̀ wò ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Àpapọ̀ ohun tí oníbàárà máa san báyìí jẹ́ ₦34,000.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Kò gbọdọ̀ kọ ₦31,500 gàdàgbà, kó wá fi ₦2,500 pamọ́ sísàlẹ̀ ní lẹ́tà kékeré bíi ti ìwé báǹkì. Iye tó máa jáde lápò oníbàárà ló gbọ́dọ̀ tóbi jù lójú ìwé.

Ó yá, ká gbé sílàìdì àkọ́kọ́. Gbólóhùn méjì péré ló wà níbẹ̀. Mo kà á fún yín:

"Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ọbẹ̀ ata wa oní-lítà mẹ́ta yóò di ₦34,000. ₦28,000 ni à ń tà á tẹ́lẹ̀."

Orúkọ ilé ìdáná rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Kò sí òdòdó, kò sí àwòrán obìnrin tó ń sunkún, kò sí ọbẹ̀ tó ń dán gbinrin lábẹ́ ọ̀rọ̀. Ìgbà mìíràn ni a óò fi ọbẹ̀ tó dán ta ọjà. Oníbàárà tó ń sún ojú fóònù kọjá nínú ọkọ̀ ti mọ ohun gbogbo tó yẹ kó mọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sún un dé ìkejì.

Iye àtijọ́ ló máa ń ṣòro fún àwọn èèyàn láti kọ. Wọ́n á ní, "Ṣé kí n tún máa rán wọn létí ni?" Wọn ò gbàgbé. Ẹni tó ń ra rọ́bà méjì lọ́sẹ̀ mọ iye àtijọ́ ju ẹ̀yin gan-an lọ. Bí ẹ bá kọ ọ́ fúnra yín, ó hàn pé ẹ ò fi ohunkóhun bò. Bí ẹ bá yọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ á kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán yín fún gbogbo ayé kà.

Sílàìdì kejì ló ru ẹrù jù. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá ti wo sílàìdì àkọ́kọ́ tí kò sún un, Instagram lè tún gbé káróséẹ̀lì náà wá síwájú rẹ̀ nígbà mìíràn, kó sì jẹ́ ìkejì ló máa kọ́kọ́ rí. Tí ìkejì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Àti pé…" tàbí "Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ…", kò ní mọ ohun tí ẹ ń wí. Ó gbọ́dọ̀ dá dúró. Ohun tí obìnrin wa kọ síbẹ̀ ni bí ₦34,000 ṣe pín: iye tí yóò dúró, ₦31,500, owó ata títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, ₦2,500, àpapọ̀, ₦34,000. Ó tún kọ ọjọ́ tí iye náà bẹ̀rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, àti orúkọ ilé ìdáná rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó sú yín láti kọ orúkọ àti ọjọ́ sórí gbogbo sílàìdì. Àwọn èèyàn wa kì í fi gbogbo káróséẹ̀lì ránṣẹ́ síra wọn. Wọ́n á ya fọ́tò ojú fóònù, wọ́n á mú ẹyọ kan, wọ́n á jù ú sínú gúrúùpù ẹbí lórí WhatsApp. Bí ẹyọ yẹn ò bá ní ọjọ́, ní ọdún méjì sí i ẹnì kan á gbé e dé ọ̀dọ̀ yín, á ní iye tí ẹ kọ rèé.

Sílàìdì kẹta ni ti ìdí. Níbí ni irọ́ ti máa ń wọlé láìjẹ́ pé ẹni tó ń kọ ọ́ mọ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún 2023, tí Báńkì Àpapọ̀ sì tú náírà sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, gbogbo nǹkan gòkè lóòótọ́. Dọ́là kan kọjá ₦1,500 ní oṣù Kejì 2024. Láti ìgbà náà ni dọ́là ti di àwáwí gbogboogbò. Ẹni tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà ń sọ pé dọ́là ló fà á. Ṣùgbọ́n oníbàárà yín ń wo iye tí dọ́là ń tà lórí fóònù tirẹ̀ náà. Tó bá rí i pé dọ́là já wálẹ̀ lóṣù tó kọjá, tí ẹ wá kọ ọ́ lóṣù yìí pé dọ́là ló mú ọbẹ̀ wọ́n, ẹ ti fọwọ́ ara yín ya ìwé ẹ̀rí yín.

Ohun tí obìnrin wa kọ rèé: "Ẹran, gáàsì, òróró, rọ́bà àti owó iṣẹ́ ti fi ₦3,500 kún ohun tí à ń ná sórí rọ́bà kan. Ata àti tòmátì fi ₦2,500 kún un. A kò fi kọ́bọ̀ kún èrè wa."

Ó lè sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn nítorí pé òótọ́ ni: yọ ₦26,000 kúrò nínú ₦34,000, ₦8,000 ló kù, iye tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ má kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tí ìṣirò yín ò bá gbè é. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi kún èrè yín náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ń san owó ilé, ẹ ń san owó iléèwé. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Láti ọdún méjì sẹ́yìn a ò tíì fi kún owó iṣẹ́ ọwọ́ wa. A fi ₦1,000 kún un báyìí." Mo ti rí i pé àwọn èèyàn máa ń gba èyí ju bí a ṣe rò lọ. Ohun tí wọn kì í gbà ni pé kí ẹ gbé ₦1,000 yẹn wọ aṣọ tòmátì.

Àwọn kan á ní ṣé ó yẹ kí oníbàárà mọ inú àpò wọn tó bẹ́ẹ̀. Rárá, kò pọn dandan. Ẹ ò ní láti kọ èrè yín tàbí iye tí alápatà ń tà fún yín. Orúkọ ohun tó wọ́n àti iye tó fi kún rọ́bà kan ti tó. Èyí tó bá wù yín láti fi pamọ́, ẹ fi pamọ́. Èyí tí ẹ bá sọ, kó jẹ́ òótọ́.

Sílàìdì kẹrin jẹ́ ti àwọn tó ti sanwó. Mo mọ̀ pé náírà díẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ yín níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni oníbàárà ti máa ń mọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́. Ẹni tó ti san àsansílẹ̀ kó tó di ọjọ́ tí ẹ kéde, iye àtijọ́ ló máa san, kódà kó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ló máa gbé ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹ ti ṣe àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ ìkéde sí ọjọ́ tí iye tuntun bẹ̀rẹ̀, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹni tó fẹ́ rà ní iye àtijọ́ lè rà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ààlà sí i o. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á san owó rọ́bà ogún lónìí fún ìnáwó oṣù Kejìlá, ẹ óò sì máa se ọbẹ̀ àdánù títí dé ọdún Kérésì. Obìnrin wa kọ ọ́ pé: "Ẹ lè san ₦28,000 títí di ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, bí ẹ bá máa gbé ọbẹ̀ yín kó tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ rà ju rọ́bà mẹ́ta lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó kí a tó kéde, ìyẹn ò kan yín. Bí a ṣe bá yín sọ ọ́ náà ni." Ó ṣe kedere, kò sì sí ẹni tó máa wá jà.

Ìkarùn-ún ni ọ̀nà mìíràn fún ẹni tí ₦34,000 ti kọjá agbára rẹ̀. Ó gbé rọ́bà oní-lítà kan ààbọ̀ síta ní ₦18,000. Ẹnì kan tó mọ ìṣirò á bú jáde pé méjì rẹ̀ ti di ₦36,000, pé ó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦17,000. Òótọ́ ni. Nítorí náà ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé rọ́bà méjì àti bí a ṣe ń dì í lẹ́ẹ̀mejì ló fa ₦1,000 tó lé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan péré ni, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Kí ló dé tí kò kàn dín ọbẹ̀ inú rọ́bà ńlá kù, kó fi iye rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà? Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é. Wọ́n á fi ìka méjì sílẹ̀ lókè rọ́bà, tàbí kí ẹran méjìlá di mẹ́sàn-án, wọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá tó ń pín ẹran fún ọmọ nílé ń ka ẹran. Ó máa mọ̀ ní ọjọ́ kìíní. Kò ní bá yín sọ̀rọ̀, kò kàn ní padà wá mọ́, ẹ ò sì ní mọ ìdí. Bí ẹ bá fẹ́ dín ẹran kù, ẹ kọ ọ́ sórí sílàìdì pé méjìlá ti di mẹ́sàn-án.

Ní ti ohùn tí a fi ń kọ ọ́: "ẹ" ni a fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ọmọdé ni o, àgbà ni o, nítorí a ò mọ ẹni tó ń kà á. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú" lẹ́ẹ̀kan ti tó. Bí ẹ bá kọ ọ́ sórí sílàìdì mẹ́rin, ó ti di ẹ̀bẹ̀ ẹni tó jẹ̀bi nìyẹn, ó sì ń mú kí èèyàn fura. Ẹ yẹra fún "A ò gba ìdúnàá-dúrà" àti "Ẹni tí kò bá lè rà á, kó lọ síbòmíràn". Ẹ má sì kọ ọ́ pé ọbẹ̀ tí kò wọ́n kì í dára. Oníbàárà yín tí owó rẹ̀ ò tó lóṣù yìí ń kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa lẹ́tà, nítorí ó ń bà mí nínú jẹ́ bí mo ṣe ń rí i. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà tó rẹwà lórí ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe àwòrán ni kò mọ Yorùbá. Àmì á kúrò lórí ọ̀rọ̀ lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ abẹ́ "ọ" á sọnù, àmì náírà á sì di àpótí kékeré tó ṣófo. Àpótí òfìfo níwájú 34,000 kì í ṣe ohun tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ ₦, ẹ̀, ọ́ àti ṣ síbẹ̀ kí ẹ wò wọ́n. Noto Sans máa ń gbé wọn dáadáa. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà dúdú wà lórí ojú funfun, kó sì tóbi, torí bí àwòrán bá gba orí WhatsApp kọjá, ojú rẹ̀ á ṣú díẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ létí gbogbo, nítorí ojú ewé yín lè gé etí àwòrán, kó gé òdo kan kúrò nínú iye.

Kí ẹ sì tún iye kà kí ẹ tó gbé e síta. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sábẹ́ àwòrán ṣeé tún kọ lẹ́yìn náà; èyí tó wà nínú àwòrán kò ṣeé tún kọ mọ́. Ẹ tún gbogbo iye àti ọjọ́ kọ sábẹ́ àwòrán náà. Àwọn afọ́jú wà nínú àwọn oníbàárà wa, fóònù wọn ló ń kàwé fún wọn, kì í sì í rọrùn fún un láti ka ohun tó wà nínú àwòrán.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ kó bá ọ̀rọ̀ yìí lórí Instagram. Mọ́mì tó ń gba rọ́bà mẹ́rin lọ́wọ́ yín lóṣooṣù, tó tún ń mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, ẹ pè é kí ẹ tó gbé e síta, tàbí kí ẹ kọ̀wé sí i: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́. Mo ní kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, rọ́bà ńlá á di ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo ti kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún yín." Ẹ fi àwọn sílàìdì náà tẹ̀ lé e. Sítátọ́ọ̀sì WhatsApp nìkan ò tó fún un, wákàtí mẹ́rìnlélógún ló ń lò.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà gan-an, iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé: kí a kó gbogbo àwòrán tó ní iye àtijọ́ kúrò, èyí tí a kàn mọ́ òkè ojú ewé, èyí tó wà nínú àkójọ ìtàn, àti èyí tó wà lórí WhatsApp oníṣòwò. Òfin wà lórí rẹ̀. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, ní abala 115, sọ pé olùtajà ò gbọdọ̀ gba iye tó ju èyí tó gbé síta lọ. Bí iye méjì bá sì wà níta papọ̀, èyí tó kéré ni oníbàárà máa san. Nítorí náà, bí ₦28,000 bá ṣì wà lójú ewé yín, tí ẹnì kan sì fi hàn yín, ọwọ́ rẹ̀ ni òfin wà.

Àwọn kan á sọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó dájú. Ẹnì kan á kọ ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ẹ ṣàánú wa o." Ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì bá a jà. Ẹ dá a lóhùn ní gbangba: "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Òótọ́ ni, ó pọ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti ata, a máa tún un yẹ̀ wò ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Rọ́bà kékeré wà ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún." Ẹni mẹ́wàá tí kò sọ̀rọ̀ ń ka èsì yẹn. Bí ẹnì kan bá kàn ń bú yín, ẹ fi sílẹ̀, ìyẹn kì í ṣe oníbàárà.

Bí oṣù Kẹsàn-án bá wá dé tí tòmátì ti pọ̀ ní Bódìjà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ₦2,500 yẹn kúrò ní ọjọ́ tí ẹ dá gan-an, kí ẹ sì gbé káróséẹ̀lì mìíràn síta tó tóbi bíi ti àkọ́kọ́, pé ọbẹ̀ ata ti padà sí ₦31,500. Bí ata ò bá sì tíì wálẹ̀, ẹ má dákẹ́. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn náà pé kò tíì wálẹ̀, kí ẹ sì dá ọjọ́ tuntun.